Mo fẹ́ gbé àlá kan lọ bá olùdámọ̀ràn mi: báwo ni kí n ṣe gbé e kalẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ rí olùdámọ̀ràn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mẹ́nu ba àlá kan nígbà tí mo ti ń dìde lọ, ló bá ní kí n gbé e wá dáadáa lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣé kí n kọ ọ́ ni àbí kí n kàn rọ́ ọ? Ìbéèrè wo ló sì máa ràn wá lọ́wọ́?

Àlá náà rèé ní ṣókí: mo wọ yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé girama wa àtijọ́, mo jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò, bíró mi kọ̀, kò kọ̀wé, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ti lá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Màmá mi ní ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn ni.

Baba_Ràúfù

Ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Àlá kì í dúró de èèyàn. Èkejì, má máa rọ́ ọ fún gbogbo ayé. Nínú ẹ̀sìn tiwa, àlá tó bá dára, ẹni tó fẹ́ràn rẹ lo máa rọ́ ọ fún. Èyí tó bá burú, wàá tu itọ́ díẹ̀ sápá òsì lẹ́ẹ̀mẹta, wàá fi Ọlọ́run ṣe ààbò, wàá yí ẹ̀gbẹ́ padà, o ò sì ní sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Ní ti ìtumọ̀, èyí ò le rárá. Yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé, ẹ̀yìn ló ń tọ́ka sí. Bàtà ẹsẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ọkọ ni. Ejò, ọ̀tá. Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tó to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí o bá fẹ́, n ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Fọláṣadé_Adámọ̀ràn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Baba Ràúfù. Ní ti kíkọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀, ẹ gbà á, ẹ̀yìn yín ni mo wà. Ìwé tó to ìtumọ̀ yẹn ni mi ò ní bá yín gbé. Iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ni mo ń ṣe, ìwé pélébé kan sì wà tí mo máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ gbé àlá wá bá mi. Mo dà á kọ síbí fún Àbẹ̀kẹ́.

"Tí o bá jí, má tíì dìde. Dùbúlẹ̀ bí o ṣe wà, má sì fọwọ́ kan fóònù láti wo ẹni tó wá ọ. Ibi tí àlá náà parí sí ni kí o dì mú, kí o máa fà á padà sẹ́yìn: kí ni mo rí kẹ́yìn, níbo ni mo wà kí n tó débẹ̀? Lẹ́yìn náà, kọ ọ́, tàbí kí o gba ohùn ara rẹ sílẹ̀. Sọ ọ́ bí ẹni tó ṣì wà níbẹ̀: mo ń wọlé, mo rí báyìí. Ibi tí o bá ti gbàgbé, fi àlàfo sílẹ̀. Má wá ọgbọ́n dí i.

"Sábẹ́ rẹ̀, kọ bí ọkàn rẹ ṣe rí nígbà tí o jí àti ibi tó ti mú ọ lára, ì báà ṣe àyà, ikùn tàbí ọ̀fun. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, bó ti wù kó kéré mọ. Kọ ohun tí o mu tàbí oògùn tí o lò kí o tó sùn. Ohun tí pásítọ̀, àfáà, ìyá tàbí ọ̀rẹ́ bá sọ nípa àlá náà, ojú ewé mìíràn ni kí o kọ ọ́ sí. Gbé méjèèjì wá. Ojú ewé kejì ò bí mi nínú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọnú ara wọn, mi ò ní mọ èyí tí o rí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bá ọ rí.

"Àlá kan ti tó fún ìjókòó kan. Ní kété tí a bá ti jókòó ni kí o gbé e kalẹ̀, má jẹ́ kó di ìgbà tí a bá ń wo aago.

"Nígbà tí o bá rọ́ ọ tán, n ó ní kí o mú nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀ tó wúwo jù lọ́kàn rẹ. Ìwọ lo máa mú un, kì í ṣe èmi. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan n ó bi ọ́ pé: kí ni nǹkan yìí? Ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni pé mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ta ló ni ín, kí ni wọ́n ń fi ṣe, báwo ló ṣe yàtọ̀ sí èyí tó wà lójú ayé? Báwo ló ṣe rí lára rẹ nígbà tí o rí i? Kí ló rán ọ létí? Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa tó bi ọ́ pé: níbo nínú ayé rẹ lákòókò yìí ni nǹkan ti ń rí bẹ́ẹ̀ lára rẹ?

"Tí mo bá dá àbá kan, má torí pé mo dàgbà jù ọ́ lọ sọ pé 'bẹ́ẹ̀ ni mà'. N ó bi ọ́ pé kí ni kò bá àbá mi mu nínú àlá yẹn, mo sì fẹ́ kí o rí nǹkan kan sọ."

Ibi tí ìwé náà parí sí nìyẹn. Púpọ̀ nínú ọ̀nà yìí, ọ̀dọ̀ Clara Hill la ti kọ́ ọ, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà. Ìpele mẹ́ta ló pín in sí: ká kọ́kọ́ yẹ àlá náà wò fínnífínní, ká wá òye nínú rẹ̀, ká sì wo ohun tí ẹni tó lá a fẹ́ ṣe sí i. Ìbéèrè "ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni pé mi ò rí irú rẹ̀ rí" ní tirẹ̀, Gayle Delaney, onímọ̀ nípa àlá ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di mímọ̀. Ó ní kí o máa bá olùbéèrè sọ̀rọ̀ bí ẹni pé olùbéèrè náà ti ayé mìíràn sọ̀ kalẹ̀.

Baba mi, ohun tí mi ò fi gba ìwé ìtumọ̀ yín nìyẹn. Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń pa ejò tà láti rán an nílé ìwé, tó bá lá àlá ejò, ṣé ọ̀tá náà ni?

Ìyá_Ìbejì_Ṣàgámù

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo tèmi náà. Oúnjẹ ni wọ́n máa ń fún mi jẹ lójú àlá. Iyán àti ẹ̀fọ́, ìyá ọkọ mi tó ti ṣaláìsí ló máa ń bù ú. Tí mo bá jí, ẹnu mi á korò, mi ò ní lè jẹun títí oòrùn á fi wọ àtàrí. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé kí n gbààwẹ̀ ni?

Baba_Ràúfù

Ìyá Ìbejì, tiyín yẹn kò ṣe é fi ṣeré. Ẹ lọ rí àwọn àgbà.

Délé_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi níbí, ó bá ọ̀rọ̀ yín mu. Òyìnbó ni olùdámọ̀ràn mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo sọ fún un pé mo jẹun lójú àlá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣé ebi ń pa mí nígbà tí mo sùn. Mo kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó yá ni mo ṣàlàyé pé nílé, a gbà pé ohun téèyàn bá jẹ lójú oorun lè wọ inú ara rẹ̀, kó di àìsàn, àti pé bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Ìbéèrè rẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní: "Ta ló bù ú fún ọ? Ṣé o lè kọ̀ ọ́? Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní o kọ̀ ọ́?" Orí ìbéèrè kejì yẹn ni omi ti bọ́ lójú mi.

Nítorí náà, ojú ewé kejì tí Àǹtí Fọláṣadé sọ yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀, pàápàá tí olùdámọ̀ràn yín kò bá mọ ilé wa. Bí ẹ ò bá sọ ohun tí àwọn èèyàn yín gbà gbọ́ fún un, kò ní mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà yín.

Fọláṣadé_Adámọ̀ràn

Délé, ìbéèrè dáadáa ni ó bi ọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò ní túmọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ìyá ọkọ yín, mi ò sì mọ bí iyán yẹn ṣe rí lẹ́nu yín. Àwọn ohun tí mo máa fẹ́ mọ̀ rèé bí ẹ bá jókòó síwájú mi: nígbà ayé wọn, ṣé wọ́n ń bu oúnjẹ fún yín? Irú ojú wo ni wọ́n fi ń wò yín bí ẹ bá ń jẹ ẹ́? Ìgbà wo ni àlá yìí bẹ̀rẹ̀, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé nígbà náà? Ẹ má dáhùn síbí, gbogbo ayé ló ń kà á. Àwẹ̀ yín, ẹ lè gbà á bí ọkàn yín bá fẹ́. Ṣùgbọ́n àìlèjẹun yẹn, bí ó bá ti ń mú yín rù, ẹ jẹ́ kí dókítà náà wò yín.

Nọ́ọ̀sì_Táíwò

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti ibi oògùn yẹn, torí àwọn èèyàn máa ń fò ó. Àwọn oògùn kan máa ń mú kí àlá le koko. Mẹfulokúìnì tí wọ́n ń lò fún ibà wà lára wọn. Ẹfafírẹ́ńsì tí ọ̀pọ̀ ń lò fún kòkòrò éèdì kí dolutẹgirafà tó gbapò rẹ̀ wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni pùropánólọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹni tó ti ń mu ọtí lójoojúmọ́ tó wá ṣíwọ́ lójijì náà lè máa rí àlá rẹpẹtẹ. Bí àlá bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó máa wá ìdí mìíràn. Ẹ má sì dá oògùn náà dúró fúnra yín, ẹni tó kọ ọ́ fún yín ni kí ẹ padà lọ bá.

Ohun kejì ni ti ẹni tó jí, tí ojú rẹ̀ là, àmọ́ tí kò lè mira, tó wá dà bíi pé ẹnì kan jókòó lé e láyà. Ìyẹn kì í ṣe àlá lásán. Bí a bá ń lá àwọn àlá tó le jù, ara wa máa ń dá iṣan dúró kí a má baà dìde máa ṣe ohun tí a ń lá. Ní ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, ojú ti jí, iṣan kò tíì jí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síwájú olùdámọ̀ràn, ẹ sọ fún un pé ojú yín là. Ní ti àgbàlagbà tó ń sùn tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ lu ìyàwó rẹ̀ torí ó ń jà lójú àlá, dókítà ni kó kọ́kọ́ lọ rí.

Gbénga_Ọlọ́kọ̀

Tèmi kò ní ìtumọ̀ kankan. Ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin ni mo ń tún rí, bó ṣe rí gan-an. Ṣé kí n máa bi ara mi ní àwọn ìbéèrè yẹn?

Fọláṣadé_Adámọ̀ràn

Rárá o, Gbénga. Ẹ kú ewu. Ìyẹn yàtọ̀. Bí àlá bá ń tún ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe bó ti rí, kí ẹ máa dá nìkan tú u wò nílé lè mú kó le sí i. Ọ̀nà mìíràn la máa ń gbà níbẹ̀, èyí tí dókítà Amẹ́ríkà kan, Barry Krakow, ṣe ìwádìí lé lórí. Ẹ máa yí àlá náà padà bó ṣe wù yín nígbà tí ojú yín wà lójúfò. Ibikíbi lẹ lè yí, kò di dandan kó jẹ́ ìparí. Ẹ wá máa fi ọkàn wo ẹ̀dà tuntun yẹn nìkan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lójoojúmọ́, láìwo ti tẹ́lẹ̀. Àlá tí kò le tó èyí ni a máa ń fi kọ́ ọ ná. Ẹ má fi ti ìjàǹbá náà bẹ̀rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà pẹ̀lú yín.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an mà. Mo jókòó ti àlá mi láàárọ̀ yìí, mo mú bíró náà, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe.

Bíró pupa ni. Mi ò kọ ìyẹn sókè lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ mo rí i kedere. Yíǹkì kún inú rẹ̀, kódà ó ń jò sí mi níka. Nílé ìwé wa, tíṣà nìkan ló ń lo bíró pupa, òun ni wọ́n fi ń máàkì. Ọmọ tó bá fi í kọ̀wé, ẹgba ló máa jẹ. Nítorí náà kì í ṣe pé bíró náà kọ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kó kan ìwé.

Fọláṣadé_Adámọ̀ràn

Ìyẹn gan-an ni ìbéèrè yẹn wà fún. "Bíró kọ̀" ni ohun tí o ti ń sọ fún àwọn èèyàn, nítorí gbogbo wa la mọ àlá ìdánwò. "Mo mú bíró tíṣà dání, mi ò sì lè lò ó" ni ohun tí o rí.

Bí o bá fẹ́, ìbéèrè kan sí i: àwọn wo ló jókòó sí gbọ̀ngàn náà pẹ̀lú rẹ?

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Kì í ṣe àwọn ọmọ kíláàsì mi. Àwọn ará ọ́fíìsì mi ni, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Bọ̀dá kan wà níwájú mi tó jẹ́ òun ló kọ́ mi níṣẹ́.

Mà, ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣe mí láyà bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n máa di ipò ọ̀gá ẹ̀ka wa mú ná. Fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n òṣìṣẹ́ tọdọọdún wà lórí tábìlì mi, èmi ló yẹ kí n kọ ọ́ fún wọn, títí kan Bọ̀dá yẹn. Láàárọ̀, mo máa ń kó o sínú dúrọ́ọ̀. Mi ò tíì kọ ẹyọ kan.

Délé_Peckham

Háà.

Baba_Ràúfù

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà tán. Wọ́n gbé e ga, kí ló wá dé tó fi wọ yunifọ́ọ̀mù ọmọdé? Ẹ̀yìn ṣì ni. Àlá tó bá sì ń padà wá lemọ́lemọ́, Ọlọ́run ń fẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan kan.

Fọláṣadé_Adámọ̀ràn

Baba mi, yunifọ́ọ̀mù náà ò kúrò ńbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ nù. Ohun tí mo rí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi bíró tíṣà sí lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé nínú ọkàn rẹ̀, ọmọ kékeré ló ṣì jẹ́ níwájú àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́. Àbá lásán nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́ ló máa sọ bóyá ó bá a mu. Pé Ọlọ́run ń fẹ́ kí ó gbọ́ nǹkan kan, mi ò bá yín jiyàn níbẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run fẹ́ kí ó gbọ́ gan-an là ń wá.

Nọ́ọ̀sì_Táíwò

Baba, ẹ rántí pé ní Arò l'Ábẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ọpọlọ. Àdúrà àti ìbéèrè kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Baba_Ràúfù

Mo gbọ́. Ti bàtà ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Bàtà ni mi ò mọ̀, sà. Mo wò ó títí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà lófìfo, ilẹ̀ sì tutù, ìyẹn náà ni mo rí. Kò bá ti fọ́ọ̀mù mu rárá.

Fọláṣadé_Adámọ̀ràn

Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Má fipá mú un bá a mu. Nígbà tí o bá lọ lọ́jọ́bọ̀, sọ fún olùdámọ̀ràn rẹ pé bíró náà ti sọ nǹkan fún ọ ṣùgbọ́n bàtà náà kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ gan-an jẹ́ ibi tí ẹ máa lò púpọ̀ nínú wákàtí yín sí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ má rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ohun kan tó kù tí o lè bá a sọ ni èyí: ká ní o lè padà sínú gbọ̀ngàn yẹn, kí lo máa fẹ́ ṣe pẹ̀lú bíró náà? Ohun tí o bá sọ ni kí ẹ fi wo ti ojú ayé. Ó lè jẹ́ pé o máa lọ bá Bọ̀dá yẹn sọ̀rọ̀ kí o tó kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ti ẹlòmíràn tó rọrùn lo máa fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní bá ọ mú un.

Àbẹ̀kẹ́_Bódìjà

Mo ti kọ ojú ewé méjèèjì mà, ti màmá mi wà lórí ọ̀tọ̀. Ṣé kí n kà á fún un ni àbí kí n rọ́ ọ?

Fọláṣadé_Adámọ̀ràn

Pa ìwé náà dé, kí o kọ́kọ́ fẹnu rọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni kí o ṣí i, kí ẹ jọ kà á. Ibi tí ẹnu rẹ àti ìwé rẹ bá ti yàtọ̀ síra, fa ìlà sí i lábẹ́. Gbé èyí tí o kọ síbí lákọ̀ọ́kọ́ dání pẹ̀lú, èyí tí bíró ti kọ̀ yẹn, kí ó rí i.